Èlé ọdọọdún, èlé oṣooṣù àti èlé aláìdáwọ́dúró: ibo ni kí n fi ₦500,000 sí fún ọdún 5?

Aláṣọ_Gbági

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ₦500,000 tí mi ò fẹ́ fọwọ́ kàn fún ọdún 5 gbáko. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti bá mi sọ̀rọ̀ èlé. Àwọn àkọ́kọ́ ní 12% lọ́dún ni àwọn ń san, ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń ro èlé mọ́ owó. Àwọn ìkejì ní 11.5% lọ́dún, àmọ́ oṣooṣù ni wọ́n ń rò ó mọ́ ọn. Orí fóònù ni àwọn ẹ̀kẹta wà. 11.3% lọ́dún ni tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé èlé ń gun orí èlé ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá, láìdáwọ́dúró.

Tí mo bá ti fi owó náà sílẹ̀, mi ò ní fi kọ́bọ̀ kún un. Èwo nínú wọn ni owó rẹ̀ máa pọ̀ jù lẹ́yìn ọdún 5? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìṣirò rẹ̀ hàn mí, kí èmi náà lè fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù.

Ọmọ_Agbowó

Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ mú. Bí èlé bá ṣe ń tètè wọlé tó, bẹ́ẹ̀ ni owó á ṣe pọ̀ tó. Ẹ wo 12% lórí ₦500,000 fún ọdún 5. Tí wọ́n bá ń rò ó mọ́ owó lọ́dọọdún, ẹ ó gba ₦881,171. Tó bá jẹ́ oṣooṣù, ₦908,348. Tó bá jẹ́ aláìdáwọ́dúró, ₦911,059. Aláìdáwọ́dúró ló máa ń borí, kò sí èyí tó lè lé e bá.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ọmọ_Agbowó, gbogbo iye tí o kọ sílẹ̀ ló pé. Ṣùgbọ́n 12% kan náà lo fi wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n èlé tí wọ́n pè fún màmá yàtọ̀ síra wọn. Ohun tí o sọ máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìwọ̀n èlé bá dọ́gba. Nígbà tí kò bá ti dọ́gba, àfi ká tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ká tó mọ èyí tó ṣíwájú.

Màmá, fọ́múlà méjì péré ni ẹ nílò. Tòkè wà fún ọdọọdún àti oṣooṣù, tìsàlẹ̀ wà fún aláìdáwọ́dúró:

```
A = P × (1 + r/n)^(n×t)
A = P × e^(r×t)
```

A ni gbogbo owó tí ẹ máa bá níbẹ̀ nígbẹ̀yìn. P ni ojú owó yín, ìyẹn 500000. r ni ìwọ̀n èlé ọdún kan, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi 100 pín in, kí 11.5% lè di 0.115. n ni iye ìgbà tí wọ́n ń ro èlé mọ́ owó nínú ọdún: 1 fún ọdọọdún, 12 fún oṣooṣù. t ni iye ọdún. Lẹ́tà e yẹn kì í yí padà, 2.71828 ni, ó sì wà lórí ẹ̀rọ ìṣirò fóònù tí ẹ bá dà á dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ti àkọ́kọ́. 1 + 0.12 jẹ́ 1.12. Ẹ gbé e dé agbára 5, ẹ ó rí 1.762342. Ẹ fi sọ ₦500,000 di púpọ̀, ó di ₦881,171.

Ní ti ìkejì, 0.115 tí a fi 12 pín jẹ́ 0.00958333. Ẹ ro 1 mọ́ ọn, kí ẹ gbé e dé agbára 60, torí oṣù 60 ló wà nínú ọdún 5. Ohun tí ẹ ó rí ni 1.772272, owó yín sì di ₦886,136.

Ní ti ẹ̀kẹta, 0.113 lọ́nà 5 jẹ́ 0.565. Ẹ gbé lẹ́tà e dé agbára 0.565, ó jẹ́ 1.759448, owó yín di ₦879,724.

Nítorí náà ìkejì ló pọ̀ jù. Ó fi ₦4,965 ju àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀kẹta tí wọ́n ní èlé rẹ̀ kì í sinmi ló gbẹ́yìn, ó fi ₦1,447 dín sí ti ọdọọdún lásán.

Tí ẹnì kan bá tún mú ìwọ̀n mìíràn wá fún yín lọ́la, kò dìgbà tí ẹ bá ṣírò ọdún 5. Ẹ béèrè pé ₦100 á di mélòó lẹ́yìn ọdún kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ àwọn àkọ́kọ́, ₦112. Lọ́dọ̀ ìkejì, ₦112.13. Lọ́dọ̀ ẹ̀kẹta, ₦111.96. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn lọ́dún kan náà ni wọ́n máa tẹ̀ lé ara wọn lọ́dún 5 tàbí lọ́dún 20, bí ìwọ̀n kò bá ti yí. Kí èlé aláìdáwọ́dúró tó bá 12% ọdọọdún dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ tó 11.33%. Kí ti oṣooṣù tó bá a dọ́gba, nǹkan bíi 11.39%.

Alájọ_Ọ̀jẹ́

Ẹ dákun, ṣé 11.5% ni wọ́n máa san lóṣooṣù? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ₦57,500 ni èlé oṣù kìíní nìkan, ìyẹn á sì máa gorí ara rẹ̀. Tí ọdún kan bá fi pé, owó á ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Nítorí àwa alájọ kì í san èlé rárá. Ẹni tó bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́, tí oṣù bá pé, a máa yọ ₦1,000 ti ọjọ́ kan, a ó kó ìyókù fún un. Bí àwọn kan bá ń san irú 11.5% yìí lóṣù, kò sẹ́ni tó tún máa dájọ mọ́.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀

Bàbá, rárá o. 11.5% yẹn, ti ọdún ni. Oṣooṣù tí wọ́n sọ, ìgbà tí wọ́n máa ro èlé mọ́ owó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi 12 pín 11.5%, kí wọ́n tó lò ó lóṣù kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà èlé oṣù kìíní lórí ₦500,000 jẹ́ nǹkan bíi ₦4,792, kò sún mọ́ ₦57,500.

Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé ẹ ṣírò ti yín, torí ìṣirò yẹn gan-an ni ẹ fi lè mọ ìlérí tí kò lè ṣẹ. MMM ṣèlérí 30% lóṣù fún àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, kí ó tó ti ilẹ̀kùn mọ́ owó wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ẹ gbé 1.3 dé agbára 12: 23.3. Ó túmọ̀ sí pé ₦500,000 gbọ́dọ̀ di mílíọ̀nù 11 ó lé ní ọdún kan. Kò sí òwò tí ẹ lè tọ́ka sí tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá fún gbogbo ẹni tó bá fowó síbẹ̀.

Ọmọ_Agbowó

Tíṣà, ẹ ṣeun sà. Ó ti yé mi ibi tí mo ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣì rú mi lójú. Ẹ padà sí 12% mi. Láti ọdọọdún bọ́ sí oṣooṣù, ọ̀kan di méjìlá péré, bẹ́ẹ̀ ó mú ₦27,177 wá. Láti oṣooṣù bọ́ sí aláìdáwọ́dúró, méjìlá di àìlóǹkà, ₦2,711 péré ló sì fi kún un. Mo rò pé àìlóǹkà yẹ kó mú owó ńlá wá ni.

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Jacob Bernoulli ló yẹ irú ọ̀rọ̀ yìí wò ní ọdún 1683. Jẹ́ ká fi naira kan gbé e yẹ̀wò, kí èlé rẹ̀ jẹ́ 100% lọ́dún. Tí wọ́n bá san án lẹ́ẹ̀kan, ọdún á parí sí ₦2. Tí wọ́n bá pín in sí ọ̀nà méjì, 50% lóṣù mẹ́fà mẹ́fà, ó di ₦2.25. Lóṣooṣù, 2.6130. Lójoojúmọ́, 2.7146. Bó o bá tilẹ̀ ń pín in lọ títí ayé, kò ní kọjá 2.7183. Ibẹ̀ ni lẹ́tà e wa ti wá.

Kí ló fà á? Jẹ́ ká wo oṣù kìíní nínú 12% tìrẹ. Èlé oṣù yẹn lórí ₦500,000 jẹ́ ₦5,000. Bó o bá fẹ́ gé oṣù náà sí wẹ́wẹ́, ohun tí gígé lè mú wá kò ju èlé orí ₦5,000 yẹn lọ. ₦5,000 náà kò tíì pé látọjọ́ kìíní, díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, nítorí náà ká kúkú sọ pé ìdajì rẹ̀, ₦2,500, ló wà nílẹ̀ jálẹ̀ oṣù. 1% rẹ̀ jẹ́ ₦25. Tó o bá tẹ 500000 × (e^0.01 − 1), o máa rí ₦5,025. ₦25 ni gbogbo èrè àìlóǹkà nínú oṣù yẹn.

Wàyí o, fi ti ọdún kan wé e. Èlé ọdún kan jẹ́ ₦60,000. Tí wọ́n bá jẹ́ kó dúró di ìparí ọdún kí wọ́n tó rò ó mọ́ owó, èlé oṣù kìíní á ti jókòó lásán fún oṣù 11, ti oṣù kejì fún oṣù 10, títí lọ. Ohun tó sọnù níbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ lé ní ₦3,400. Oṣooṣù ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà padà. Èyí tó ṣẹ́ kù fún ojoojúmọ́ àti aláìdáwọ́dúró kò tó nǹkan. Ní ọdún 5 rẹ yẹn, ojoojúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi ₦910,970. Kò tó ₦100 tí aláìdáwọ́dúró fi jù ú.

Ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú ìwọ̀n èlé fi máa ń bo gbogbo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìdá 0.2 tó wà láàárín 11.5% àti 11.3% tó láti gbé èyí tó ń rìn lóṣooṣù síwájú èyí tó ń rìn láìdúró.

Aláṣọ_Gbági

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo tẹ ti àkọ́kọ́, ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ti ìkejì ló fún mi ní ₦908,348 dípò ₦886,136. Mo fi 12 pín 0.115, mo rí 0.0095, mo sì kọ ọ́ ní 0.01 kó lè rọrùn. Ṣé ìyẹn nìkan ló lè fa ₦22,000?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Òun náà ni mà. 0.01 lóṣù jẹ́ 12% lọ́dún, ẹ ti gbé ìwọ̀n èlé wọn sókè fún wọn láìmọ̀. Ìdínkù tàbí àfikún tíńtín nínú nọ́ńbà tí ẹ máa gbé dé agbára 60 ń gun orí ara rẹ̀ nígbà 60. Ẹ má ṣe kọ èsì àárín sílẹ̀ rárá. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pẹ̀lú àmì ìdè méjèèjì, báyìí:

```
500000*(1+0.115/12)^(12*5)
```

Àmì ìdè tó yí 12*5 ká ṣe pàtàkì gan-an. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ̀rọ á gbé e dé agbára 12 nìkan, á wá fi 5 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó sì rí mílíọ̀nù méjì ó lé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mẹ́jọ. Bí ẹ bá rí irú iye bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé àmì ìdè ló sọnù.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀

Gbogbo ohun tí Tíṣà sọ ló tọ̀nà lórí ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí nínú àkáǹtì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń yàtọ̀.

Ohun méjì ni ẹ máa yà sọ́tọ̀: ọjọ́ tí wọ́n ń ṣírò èlé, àti ọjọ́ tí wọ́n ń rò ó mọ́ ojú owó. Ọ̀pọ̀ ibi ló ń ṣírò èlé lójoojúmọ́, tí wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ sínú àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan nígbà tí oṣù bá parí. Oṣooṣù ni irú ìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ pè é ní ojoojúmọ́. Màmá, áàpù tó ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ńbà tó ń yí lójú fóònù ni wọ́n ń sọ. Ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni èlé máa ń di ojú owó. Bí wọ́n bá ní ìparí oṣù ni, ẹ fi 11.3% sínú fọ́múlà oṣooṣù, á tún kéré sí ohun tí Tíṣà ṣírò.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè mọ̀ fúnra yín láàárín oṣù méjì. Ká ní ẹ fi ₦500,000 sí ibi ìkejì ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Èlé ọjọ́ kan jẹ́ 500000 × 0.115 ÷ 365, ìyẹn ₦157.53. Oṣù Kẹwàá ní ọjọ́ 31, nítorí náà ₦4,883.56 ló yẹ kó wọlé. Ẹ má ṣe bínú pé kò bá ₦4,791.67 tí fọ́múlà fún yín mu. Fọ́múlà ka gbogbo oṣù sí ọgbọọgba, àwọn ń ka ọjọ́. Oṣù Kejì tó ní ọjọ́ 28 máa mú ₦4,410 àti díẹ̀ wá fún irú owó bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó jí nǹkan yín gbé.

Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ fi ojú sí dáadáa. Ọjọ́ 30 ló ní. Bí wọ́n bá ro èlé oṣù Kẹwàá mọ́ ojú owó lóòótọ́, orí ₦504,883.56 ni wọ́n máa ti ṣírò, ₦4,772.19 ló sì máa wọlé. Bí ₦4,726.03 ló bá wọlé, orí ₦500,000 ni wọ́n ṣì wà, èlé kò gun orí èlé kankan. Ìyàtọ̀ ₦46 péré ni lóṣù yẹn, ojú lè fò ó dá, àmọ́ láàárín ọdún 5 ó máa sún mọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ ò ní rí. Bí èlé kò bá gun ara wọn, 11.5% lórí ₦500,000 fún ọdún 5 jẹ́ ₦787,500.

Ohun kan tún wà. Ìjọba máa ń yọ 10% nínú èlé, ẹni tó ń san èlé ló sì ń bá wọn yọ ọ́ kó tó wọlé. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lóṣù kọ̀ọ̀kan, owó tí ì bá gun ara rẹ̀ ti jáde lọ. Ẹ fi 0.9 sọ ìwọ̀n èlé di púpọ̀ kí ẹ tó fi sínú fọ́múlà. Lórí 12% Ọmọ_Agbowó, ₦908,348 ti oṣooṣù di ₦855,933, ₦881,171 ti ọdọọdún sì di ₦834,966. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n pè fún yín jẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ ni tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́. Bí ìkan bá pe ti ṣáájú, tí èkejì pe ti ẹ̀yìn, ẹ ò tíì lè fi wọ́n wéra.

Oníbùkátà_Apátá

Ẹ káàsán o. Tèmi kì í ṣe ₦500,000 lẹ́ẹ̀kan. ₦20,000 ni mo lè máa yọ sílẹ̀ lóṣooṣù fún ọdún 5, ní 12%. Mo fi ₦1,200,000 sínú fọ́múlà òkè yẹn, ó fún mi ní ₦2,180,036. Ṣé kí n gbára lé e?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ẹ má gbára lé e o, àǹtí. Fọ́múlà yẹn gbà pé ₦1,200,000 ti pé nílẹ̀ látọjọ́ kìíní. Tiyín ń wọlé díẹ̀díẹ̀. ₦20,000 àkọ́kọ́ máa ṣiṣẹ́ fún oṣù 59, èyí tó kẹ́yìn kò ní ṣiṣẹ́ kankan bí ẹ bá ń fi í síbẹ̀ ní ìparí oṣù. Èyí tó bá tiyín mu nìyí, D ni owó oṣù kọ̀ọ̀kan, i ni èlé oṣù kan, m ni iye oṣù:

```
A = D × ((1 + i)^m − 1) / i
=FV(0.12/12, 60, -20000)
```

Ìlà kejì wà fún ẹni tó ń lo Excel. Nọ́ńbà 20000 gbọ́dọ̀ ní àmì àyọkúrò níwájú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì á jáde bíi gbèsè.

1.01 ní agbára 60 jẹ́ 1.816697. Ẹ yọ 1, ó ku 0.816697. Ẹ fi 0.01 pín in, ó di 81.6697. Ẹ fi sọ ₦20,000 di púpọ̀, ó jẹ́ ₦1,633,393. Èlé yín jẹ́ ₦433,393, kì í ṣe ₦980,000.

Bí owó oṣù bá ń wọlé fún yín níparí oṣù, ẹ lè fi ti oṣù tuntun síbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní dípò ọjọ́ 30 rẹ̀. Gbogbo ₦20,000 á fi oṣù kan pẹ́ sí i níbẹ̀, àpapọ̀ á sì di ₦1,649,727. Ẹ kíyè sí i: yíyí ọjọ́ padà mú ₦16,334 wá. Bíbọ́ láti oṣooṣù sí aláìdáwọ́dúró lórí ètò yín kan náà máa mú nǹkan bíi ₦2,637 wá. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀yin fúnra yín ló wúlò jù.

Oníbùkátà_Apátá

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń fi èlé sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni, wọ́n sì ń kà á láti oṣù tí owó kọ̀ọ̀kan wọlé. Báwo ni mo ṣe máa ṣe ìyẹn?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ọdún kan. Owó oṣù kìíní máa gba èlé oṣù 11, tìkejì oṣù 10, títí dé èyí tó kẹ́yìn tí kò ní gba nǹkan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 66. Èlé oṣù kan lórí ₦20,000 jẹ́ ₦200, nítorí náà 66 × 200 jẹ́ ₦13,200. Ọdún kan yín jẹ́ ₦253,200. Ẹ wá mú ìyẹn bí owó tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún ọdún 5 ní 12%: (1.12^5 − 1) ÷ 0.12 jẹ́ 6.352847, àpapọ̀ sì jẹ́ ₦1,608,541. Ó fi nǹkan bíi ₦24,850 dín sí ti oṣooṣù.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀

Kí n tó gbàgbé, fún ẹni tó bá ń lo àkáǹtì olóṣù mẹ́ta: inú fọ́ọ̀mù ni wọ́n ti máa ń béèrè ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tí ọjọ́ bá pé. Bí ẹ bá mú ibi tó ní kí wọ́n tún ojú owó nìkan fi síbẹ̀, èlé á máa lọ sí àkáǹtì yín kejì, kò sì ní gun nǹkan kan. Ẹ mú ibi tó ní ojú owó pẹ̀lú èlé. Mi ò mọ ohun mìíràn tó ń ba ètò èlé orí èlé jẹ́ tó ìyẹn.

Aláṣọ_Gbági

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà lọ bá àwọn ìkejì láàárọ̀ yìí. Oṣooṣù ni lóòótọ́, wọ́n sì fi hàn mí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn náà sọ pé ìwọ̀n èlé lè yí lẹ́yìn ọdún 2. Àwọn àkọ́kọ́ ní 12% ti àwọn kò ní yí fún ọdún 5. Kí ni kí n ṣe báyìí?

Tíṣà_Mọ́kọ́lá

Ó yí ìdáhùn mi padà, màmá. Fọ́múlà gbà pé r kò ní yí, bí ó bá yí, ẹ gbọ́dọ̀ gé e sí méjì. Ọdún 2 ní 11.5% lóṣooṣù máa sọ ₦1 di 1.257223. Ká ní wọ́n já a sí 11% fún ọdún 3 tó kù, ìyẹn á fi 1.388879 sọ ọ́ di púpọ̀. ₦873,065 ni ẹ máa bá níbẹ̀, ti àkọ́kọ́ sì fi ₦8,106 jù ú. Ibi tí wọ́n ti máa dọ́gba jẹ́ nǹkan bíi 11.3%. Bí ó bá já sísàlẹ̀ ìyẹn, ọdọọdún borí. Èmi á mú 12% tí kò ní yí.

Akọ̀wé_Dùgbẹ̀

Èmi ò fara mọ́ ìyẹn tán, Tíṣà. Ohun tó lè lọ sísàlẹ̀ lè lọ sókè pẹ̀lú. Bí ìwọ̀n èlé bá gòkè ní Nàìjíríà lọ́dún mẹ́ta sí i, ẹni tó so ara rẹ̀ mọ́ 12% kò ní rí nínú rẹ̀. Màmá, ẹ bi àwọn àkọ́kọ́ pé kí ni wọ́n máa yọ bí ẹ bá fẹ́ kó owó yín kúrò lẹ́yìn ọdún 2. Bí ó bá jẹ́ èlé ọdún tí kò tíì pé nìkan ni ẹ máa pàdánù, ẹ kúkú mú tiwọn, torí ẹ ṣì lè jáde. Bí wọ́n bá ní gbogbo èlé látìbẹ̀rẹ̀ ni, èmi á mú ìkejì.

Aláṣọ_Gbági

Wọn ò sọ ìyẹn fún mi rárá, kò sì sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi. Màá padà lọ lọ́jọ́ Ajé láti béèrè, kí n sì gba ìdáhùn wọn lórí ìwé.